Ọmọ iṣẹ́ mi wọ awò, síbẹ̀ èérún irin wọ ojú rẹ̀: níbo ni ó gbà wọlé?

Wẹ́dà Dei-Dei

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Dei-Dei níbí ni ilé iṣẹ́ mi wà, níbi tí a ti ń ṣe géètì, irin ojú fèrèsé àti ẹsẹ̀ tí a ń gbé táńkì omi lé. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi kan tó ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ mi ń fi gíráńdà gé irin onígun mẹ́rin tí a fẹ́ fi ṣe férémù géètì kan. Awò dúdú wà lójú rẹ̀, nítorí òfin mi ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé gíráńdà láìwọ awò. Nígbà tó gé e tán, ó bọ́ awò náà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ní nǹkan ta òun lójú ọ̀tún. A bu omi sí i lójú, ó ní ó ti fúyẹ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Òru ọjọ́ náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Ó lọ ra oògùn ìkánsójú ní kẹ́mísìtì láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, pupa ojú náà sì rọ̀ díẹ̀, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, kò lè wo ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó bá a yọ èérún irin kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní ó ti dógùn-ún síbẹ̀, kí ó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì kí wọ́n lè há ìyókù rẹ̀ kúrò.

Ohun tí kò yé mi ni pé awò wà lójú ọmọ yìí. Ṣé awò náà ni kò dára ni, tàbí bí a ṣe ń lò ó? Mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, mi ò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kankan nínú wọn.

Ọ̀gá Páńẹ́lì, Apo

Ẹ kú ìfaradà, ọ̀gá wẹ́dà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń lu páńẹ́lì ọkọ̀, irin ti wọ ojú mi ju ìgbà tí mo lè kà lọ. Omi mímọ́ ni àkọ́kọ́. Kí ó ti ojú bọ inú abọ́ omi, kí ó máa ṣẹ́jú nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú eruku ni yóò bá omi lọ. Bí ó bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ yọ mágnẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́yìn agbóhùnjáde rédíò àtijọ́ kan, ẹ gbé e sún mọ́ ojú náà, nítorí irin ni, irin sì ń tẹ̀lé mágnẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn a máa ká etí áńkáṣíìfù ṣóńṣó, wọn a sì fi há a jáde. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ojú fúnra rẹ̀ yóò tì í jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ní ti awò, dúdú ni ó dára jù, nítorí iná tó ń ta lára gíráńdà máa ń ṣú ojú.

Nọ́ọ̀sì Ojú, Gwagwalada

Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá Páńẹ́lì. Ní ti omi, òtítọ́ ni ẹ sọ, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fi ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín nípa mágnẹ́ẹ̀tì àti áńkáṣíìfù, nítorí iṣẹ́ ojoojúmọ́ mi ni láti rí ohun tí méjèèjì máa ń dá sílẹ̀.

Eruku lásán máa ń léfòó lórí omijé, ìdí nìyí tí omi fi lè gbé e lọ. Èérún irin tó bá fò kúrò lára dísìkì gíráńdà kò rí bẹ́ẹ̀. Gbígbóná ni ó fi ń fò, bí ó bá sì bà lé iwájú ẹyinjú, níbi tó mọ́ gaara bíi dígí yẹn, ńṣe ni ó máa ń jó ara rẹ̀ wọlé síbẹ̀, bí ìgbà tí èédú kékeré bá bọ́ sórí ọ̀rá. Mágnẹ́ẹ̀tì rédíò kò lágbára láti fà á tu níbi tó ti rì sí. Etí áńkáṣíìfù yóò sì há gbogbo ojú tó yí i ká, yóò fi irin sílẹ̀ níbi tó wà, yóò wá ṣí ọ̀nà fún kòkòrò àìsàn. Ẹyinjú tún máa ń tutù nígbà gbogbo nítorí omijé, irin tó bá sì wà nínú omi iyọ̀ kì í pẹ́ dógùn-ún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, òrùka aláwọ̀ ilẹ̀ kan ti lè yọ yí èérún náà ká. Òrùka yẹn ni wọ́n ń há tí wọ́n fi ní kí ọmọ náà padà wá. Bí ó bá jẹ́ pé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tàbí àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni ó wá, ó ṣeé ṣe kí ìjókòó kan tó.

Bí a ṣe ń yọ ọ́ nìyí, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ lè bá ọ̀rẹ́ ṣe lábẹ́ igi: a óò kọ́kọ́ kán oògùn tí kò ní jẹ́ kí ojú mọ ìrora fún ìṣẹ́jú díẹ̀, aláìsàn yóò gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ tó ń sọ ojú di ńlá, yóò tẹjú mọ́ ibì kan láìmirí, dókítà yóò sì fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tú èérún náà láti ẹ̀gbẹ́. A tún máa ń kán aró pupa rúsúrúsú kan sójú, a óò sì tan iná búlúù sí i. Ibi tí awọ ojú bá ti bó yóò wá mọ́lẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Bí mo bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró lóòró bí ìgbà tí ológbò ya ojú, mo ti mọ̀ pé nǹkan mìíràn ṣì lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìpéǹpéjú òkè tó ń há ẹyinjú nígbàkígbà tí ẹni náà bá ṣẹ́jú. Ṣe ni a ó yí ìpéǹpéjú náà padà, a ó sì fi òwú tútù gbá a kúrò.

Ọ̀gá wẹ́dà, mo fẹ́ béèrè ohun mẹ́ta. Kí ni orúkọ oògùn tó rà ní kẹ́mísìtì? Ṣé ó fi òòlù lu irin kankan lọ́jọ́ náà? Ṣé ó ń ríran dáadáa nísinsìnyí bí ó bá fi ọwọ́ bo ojú òsì?

Wẹ́dà Dei-Dei

Ẹ ṣeun púpọ̀, nọ́ọ̀sì wa. Mo pè é, ó ní òun ń ríran, àmọ́ bí ìgbà tí kùrùkùrù díẹ̀ wà níwájú iná. Kò fi òòlù lu irin lọ́jọ́ náà, gíráńdà nìkan ni. Ara páálí oògùn náà ni mo ti ka dẹksamẹtasóònù pẹ̀lú orúkọ oògùn mìíràn tó ń pa kòkòrò.

Nọ́ọ̀sì Ojú, Gwagwalada

Ohun tí mo fura sí nìyẹn. Dẹksamẹtasóònù wà nínú àwọn oògùn tí ń mú pupa àti wíwú wálẹ̀, ìdí nìyí tí ara fi tù ú ní Ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n irin ṣì wà níbẹ̀. Oògùn náà mú kí ìrora tí ìbá lé e wá sílé ìwòsàn rọ̀, ó sì dín agbára tí ojú fi ń bá kòkòrò jà kù. Kí ó mú páálí náà lọ bí ó bá ń padà lọ, kí ó fi han dókítà, kí ó má sì kán an mọ́ àfi bí dókítà bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo béèrè nípa òòlù nítorí pé ìyẹn ni ó ń dẹ́rù bà mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá fi òòlù lu ṣísẹ́ẹ̀lì tàbí irin tí orí rẹ̀ ti pẹ́ka bí olú, èérún tó bá já lára rẹ̀ máa ń fò pẹ̀lú agbára tó fi lè gún ẹyinjú kọjá sínú. Ihò rẹ̀ a kéré, ìrora rẹ̀ lè máà ju ti ìgbà tí èèrà bá jẹni lọ, ojú náà tilẹ̀ lè má pọ́n. Ẹni tí nǹkan ta lójú nígbà tó ń lu irin, tí ojú náà wá ṣú, tàbí tí ọmọlójú rẹ̀ kò rí róbótó mọ́, kò gbọdọ̀ fọ ojú náà, kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ kán ohunkóhun sí i. Kí wọ́n fi ìdí ife ike bò ó láìjẹ́ kí ó kan ẹyinjú, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun tó yí ojú ká, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn tó ní dókítà ojú ní wákàtí náà gan-an, kí ó má sì jẹun lọ́nà, nítorí iṣẹ́ abẹ lè wà níwájú. Kí ó sọ fún wọn pé irin ni òun ń lù, kí wọ́n lè ya fọ́tò egungun ojú náà. Wọn kò gbọdọ̀ gbé e sínú ẹ̀rọ onímágnẹ́ẹ̀tì ńlá tí a fi ń ya inú ara, nítorí ó lè ti irin inú ojú láti ibì kan sí ibòmíràn.

Olùṣọ́ Ààbò, Lugbe

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè tí ọ̀gá wẹ́dà béèrè gan-an, ìyẹn ibi tí irin náà gbà wọlé. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé gogoro ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ mi sì ni láti máa wo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀.

Mo rò pé ó ṣeé ṣe kí irin yẹn má gba iwájú awò wọlé rárá. Ẹ mú irú awò dúdú ọjà tí ọmọ náà wọ̀, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì dúró níwájú díńgí. Ẹ máa rí i pé ìka kan lè gba ẹ̀gbẹ́ etí wọlé, òmíràn lè gba abẹ́ lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń fi gíráńdà gé irin máa ń tẹ orí ba, iná á máa ta láti ìsàlẹ̀ lu àyà rẹ̀, á sì ti àyà gòkè wá sí abẹ́ awò. Ọ̀nà kìíní nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni èyí tí ẹ fúnra yín sọ láìmọ̀: ó bọ́ awò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ènìyàn bá ti ń gé irin, èérún ti kún irun orí, irun ìpéǹpéjú àti etí awò. Bí ó bá fa awò náà sókè tó sì nu ojú, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbá irin sójú ara rẹ̀. Ẹ ní lẹ́yìn tó bọ́ awò ni nǹkan ta á. Ní tèmi, ibẹ̀ ni irin náà ti wọlé.

Bí a ṣe ń bọ́ awò níbi iṣẹ́ wa nìyí. Kí ó pa gíráńdà, kí ó dúró títí dísìkì yóò fi dúró. Kí ó di ojú, kí ó tẹ orí síwájú, kí ó fi ọwọ́ gbọn irun tàbí fìlà rẹ̀ nígbà tí awò ṣì wà lójú. Lẹ́yìn náà ni kí ó di ọwọ́ awò mú láti ẹ̀yìn etí, kí ó fà á síwájú kúrò lójú, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Kí ó fọ ọwọ́, kí ó tó fọ ojú. Ìgbà yẹn ni kí ó tó lajú. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ní ti awò fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀gá Páńẹ́lì, dúdú kò dára fún gíráńdà. Nínú iboji ilé iṣẹ́, awò dúdú kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ìlà tó fà sára irin, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi tì í sórí imú kí ó lè máa yọjú lókè rẹ̀. Awò ike funfun ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n fi pọlikábónéètì ṣe, tó ká yí ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò, ẹ óò rí àmì `Z87+` tàbí `EN166` tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. Bí lẹ́tà `F` bá tẹ̀lé èyí kejì, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti yin ọta irin róbótó tó fẹ̀ tó mìlímítà 6 lù ú ní ìwọ̀n mítà 45 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì fọ́. Awò tí wọ́n fi dígí lásán ṣe léwu ju àìwọ awò lọ nígbà mìíràn, nítorí bí nǹkan bá fọ́ ọ, àfọ́kù rẹ̀ ni yóò wọ ojú.

Ẹ kíyè sí mítà 45 yẹn dáadáa. Dísìkì kékeré orí gíráńdà, èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 115, ni wọ́n kọ 13,300 sí lára, ìyẹn iye ìgbà tó lè yí ní ìṣẹ́jú kan, kò sì gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìwọ̀n yẹn, etí rẹ̀ ń sáré ní nǹkan bí mítà 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Awò lè dá èérún dúró, ṣùgbọ́n àfọ́kù dísìkì kọjá agbára rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń wọ ìbòjú ike gbàgàdà lé orí awò, tí a kì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, nítorí ìbòjú ṣí sílẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, eruku irin sì ń gba ibẹ̀ gòkè. Mo ti rí àwọn tó ń yọ irin ààbò kúrò lára gíráńdà kékeré kí wọ́n lè fi dísìkì ńlá sí i, èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 230. 6,600 ni wọ́n kọ sára dísìkì ńlá náà, ẹ̀rọ kékeré sì lè máa yí tó 11,000. Bí ó bá fọ́ níwájú ènìyàn, kò sí awò ojú tí mo lè fi ọkàn tán pé yóò gbà á.

Ọlọ́kadà Kubwa

Ẹ kú ìmọ̀ràn. Èmi kì í ṣe wẹ́dà, ọ̀kadà ni mo ń gùn láti inú Kubwa títí dé àwọn abúlé ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ èṣí ni nǹkan bí ẹran ti ń hù láti igun ojú mi lẹ́bàá imú, ó ti ń sún mọ́ dúdú ojú báyìí. Ṣé irin ni ó wọ ibẹ̀? Ṣé ìbòjú akoto lè mú un lọ? Dúdú ni ìbòjú akoto mi, àmọ́ mo máa ń gbé e sókè lálẹ́ nítorí mi ò ríran.

Nọ́ọ̀sì Ojú, Gwagwalada

Ẹ̀gbọ́n ọlọ́kadà, kì í ṣe irin. Oòrùn, atẹ́gùn àti eruku tí ń lu ojú lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀ ni a mọ̀ mọ́ irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ìbòjú kò lè mú èyí tó ti hù lọ, ṣùgbọ́n ó lè dín ohun tí ń bọ́ ọ kù. Kò sí oògùn ìkánsójú tí ń yọ́ ọ. Bí ó bá ti ń wọ orí dúdú ojú, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, nítorí iṣẹ́ abẹ ni a fi ń yọ ọ́, ó sì sàn kí wọ́n yọ ọ́ kí ó tó dé iwájú ọmọlójú. Ẹ ra ìbòjú funfun fún akoto yín. Bí ẹ bá ń gbé dúdú sókè lálẹ́, àkókò tí kòkòrò ń fò bọ̀ wá síbi iná ọ̀kadà gan-an ni ẹ ń ṣí ojú sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi àkísà gbígbẹ nu eruku kúrò lára rẹ̀, iyanrìn inú rẹ̀ yóò ha á, ìlà wọ̀nyẹn ni yóò sì máa fọ́n iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ sí yín lójú. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i.

Ìyá Àgbẹ̀, Kwali

Ẹ ṣé gan-an. Mo rí i pé oògùn tó dára fún ojú ni ẹ ń jíròrò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi dá sí tèmi. Ọkà bàbà ni a ń kórè, ewé rẹ̀ kan gé ọkọ mi lójú òsì nígbà tó tẹ igi ọkà ba. A ti kán wàrà ọmú sí i, a sì ti kán oògùn kan tí aládùúgbò fún wa, èyí tó mú ojú òun náà sàn. Ó ti di ọjọ́ mẹ́fà. Pupa rẹ̀ lọ, ó tún padà, nǹkan funfun kan bí ẹ̀kọ tí a kán sílẹ̀ wà lórí dúdú ojú náà báyìí. Oògùn wo ni kí a tún rà?

Nọ́ọ̀sì Ojú, Gwagwalada

Màmá, ẹ má ra ìkankan mọ́. Lónìí, kì í ṣe lọ́la, ẹ gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà ojú, ẹ sì mú ìgò oògùn aládùúgbò náà dání. Ewé àti igi ọkà máa ń gbé irú èébu kan tí ń hù lára ohun tó ń jẹrà. Bí ewé bá gé ojú, ó lè gbin èébu yẹn síbẹ̀, kì í sì í yára bíi ti irin. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó yọjú. Funfun tí ẹ rí yẹn ni ó ń bà mí lẹ́rù. Bí dẹksamẹtasóònù tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà nínú ìgò náà, ńṣe ni ó ń bá èébu náà tún ilẹ̀ ṣe. Oògùn èébu yàtọ̀ sí oògùn kòkòrò yòókù, wọ́n sì ní láti há díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n tó mọ èyí tí wọn yóò lò. Wàrà ọmú pẹ̀lú, ẹ dákun, ẹ má kán an mọ́. Oúnjẹ ni fún ọmọ, oúnjẹ náà ni fún èébu àti kòkòrò.

Ọ̀gá Páńẹ́lì, Apo

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo gbà nípa òrùka ìdógùn-ún yẹn, nítorí mo rántí pé ojú mi kan ní àbàwọ́n funfun kékeré tí dókítà sọ fún mi nígbà tí mo fẹ́ gba ìwé ìwakọ̀, n kò mọ ohun tó fà á títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ kò tíì sọ. Kì í ṣe ìgbà tí iná wẹ́dì ń jó ni irin ń wọ ojú àwọn wẹ́dà jù. Ìgbà tí wọ́n bá gbé ìbòjú sókè, tí wọ́n mú òòlù kékeré láti gbá èèpá gbígbóná tó bo ojú ìjó kúrò, ìgbà yẹn ni. Dígí dúdú ti lọ sókè, ojú sì wà ní ìhòòhò.

Olùṣọ́ Ààbò, Lugbe

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí, ó sì yẹ kí n ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Awò ike funfun yẹn ni kí wẹ́dà wọ̀ láti àárọ̀, kí ó máa gbé ìbòjú wẹ́dì lé orí rẹ̀. Fún irin géètì tí a ń jó, dígí nọ́ńbà 10 ni ọ̀pọ̀ ń lò, wọn a sì lò 11 bí iná bá pọ̀. Bí ó bá gbé ìbòjú sókè láti gbá èèpá, awò ṣì wà lójú rẹ̀. Pọlikábónéètì tún ń dá apá kan ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè fojú rí dúró, èyí tí ń jó ojú ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́dà, ṣùgbọ́n kò tó láti fi wo iná wẹ́dì o.

Wẹ́dà Dei-Dei

Báwo wá ni mo ṣe lè dá a mọ̀ lóru bí ọmọ kan bá pè mí pé ojú ń dun òun, bóyá irin ni tàbí iná wẹ́dì ni ó jó o?

Nọ́ọ̀sì Ojú, Gwagwalada

Ẹ béèrè ojú mélòó, kí ẹ sì béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Iná wẹ́dì sábà máa ń mú ojú méjèèjì, kì í sì í dùn lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí 6 sí 12 kí ó tó dé, bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn gbígbóná sójú náà. Púpọ̀ rẹ̀ máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì bí ẹni náà bá sinmi nínú òkùnkùn tí ó fi aṣọ tútù lé ojú. Irin sábà máa ń mú ojú kan, ní ìgbà tó wọlé, ó sì máa ń dùn sí i bí ó bá ṣẹ́jú. Ẹni tó bá jẹ́ pé méjèèjì dùn ún ṣùgbọ́n tí ọ̀kan kò lọ ní ọjọ́ kejì, kí ó wá kí a wò ó, nítorí nǹkan méjèèjì lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, èyí tí a ń lò láti fi yọ irin, kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni dé ilé. Mo mọ àwọn kẹ́mísìtì tó ń tà á fún àwọn wẹ́dà. Ó ń dá ìrora dúró, kì í sì í jẹ́ kí ọgbẹ́ ojú náà jinná.

Wẹ́dà Dei-Dei

Mo ti ra awò mẹ́rin tó ní àmì yẹn. Ní ọjọ́ kejì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, oru bò ó. Òógùn Dei-Dei ní oṣù yìí kì í ṣe kékeré, àwọn ọmọ sì ní àwọn kò ríran. Ẹnì kan ní kí n ra èyí tó ní fóòmù yí etí ká.

Olùṣọ́ Ààbò, Lugbe

Oní-fóòmù ń dá eruku dúró ju ti lásán lọ, ó dára fún àwọn tí ń pakà tàbí tí ń fẹ́ ìyàngbò lóko, ṣùgbọ́n nínú ooru wa yìí ó máa ń bò ju tiyín lọ. Èmi kì í fún àwọn tí ń gé irin ní gbangba. Ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ pa inú awò, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láìfi omi ṣàn án. Ẹ má ṣe fi tínà tàbí epo bẹntiróòlù nù ún, yóò là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì ní lágbára mọ́.

Ọ̀gá Páńẹ́lì, Apo

Èmi kò gbà nípa fóòmù. Mo ti wọ ọ́ fún oṣù mẹ́ta, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tó ṣí abẹ́ sílẹ̀ lọ. Mo kàn máa ń bọ́ sí ẹ̀yìn ilé láti fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ìyá Àgbẹ̀, Kwali

Wọ́n ti gbà wá sí wọ́ọ̀dù. Èébu ni wọ́n ní àwọn rí. Wákàtí kan sí wákàtí kan ni wọ́n ń kán oògùn sí i, lọ́sàn-án àti lóru. Wọn kò tíì sọ bí ìríran rẹ̀ yóò ṣe rí.

Nọ́ọ̀sì Ojú, Gwagwalada

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsùn, Màmá. Ẹ má jẹ́ kí wákàtí kan fò nínú oògùn náà, kódà bí bàbá bá ń sùn.

Wẹ́dà Dei-Dei

Ọlọ́run yóò wo bàbá sàn. Ní ti awò, mo ti rí ohun tó ń bò ó. Aṣọ tí àwọn ọmọ so mọ́ imú nítorí eruku ni, èémí wọn ń gba òkè rẹ̀ wọ abẹ́ awò. Mo ní kí wọ́n gbé etí awò gun orí aṣọ náà, kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ imú. Mẹ́ta nínú wọn ti ń ríran. Ẹ̀kẹrin ń lo awò ìwòsàn lábẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ ṣì ń bò.

Olùṣọ́ Ààbò, Lugbe

Kí tirẹ̀ jẹ́ èyí tó fẹ̀, tí a ṣe láti gun orí awò ìwòsàn. Ẹ dán an wò lójú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Kí ó tẹ orí ba bí ẹni tó ń gé irin, kí ẹ sì wò ó láti ìsàlẹ̀ bóyá ẹ óò rí ẹyinjú rẹ̀.